Bí Nọ́ńbà Oyún Kò Bá Gòkè Bó Ṣe Yẹ

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ ìlà méjì tó máa ń yọ lára pélébé tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò nílé. Ìlà yẹn ń sọ pé oyún wà. Kò sọ bóyá oyún náà ń dàgbà, kò sì sọ ibi tó wà. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán tàbí tí inú bá ń run aboyún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, dókítà lè ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún fà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Èsì kejì á dé, ẹ ó wá rí i pé nọ́ńbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè, tàbí pé ó tilẹ̀ ti wálẹ̀. Kí ni ìwé náà ń sọ fún tọkọtaya? Kí sì ni kò lè sọ?

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Lórí ìwé èsì, ẹ ó rí hCG. Họ́mónù oyún ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ̀ wá di olóbi ló ń pèsè rẹ̀, láti ìgbà tí oyún bá ti lẹ̀ mọ́ ara ìyá. Bí oyún bá ń dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á máa pọ̀ sí i, nọ́ńbà náà á sì máa gòkè.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó fi ṣèdájọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, obìnrin kan lè ní 200, ẹlòmíràn lè ní 5,000, kí oyún àwọn méjèèjì sì dára. Bí nọ́ńbà náà ṣe ń rìn ni dókítà ń wò, ìdí sì nìyẹn tó fi ń ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48. Ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ ti ṣe méjèèjì, torí pé ẹ̀rọ ibì kan lè ka ẹ̀jẹ̀ kan náà yàtọ̀ sí ti ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì. Òfin yẹn ti le jù. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 sọ pé, bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò bá tó 1,500, ìgòkè tó kéré jù tí a lè retí lára oyún tó dára ni ìdá 49 nínú 100 láàárín wákàtí 48. Bí 100 bá di 149, oyún náà ṣì lè dára. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgòkè rẹ̀ ń dẹwọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó máa ń dé téńté, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí ewu níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 420. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó di 546. Ìgòkè ìdá 30 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 626, ó kéré tán. Ó ṣeé ṣe gan-an pé oyún náà kò ní dúró. Ṣùgbọ́n oyún tó dára mìíràn wà tó ń lọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Bí ara obìnrin náà bá le, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí èsì yìí nìkan.

Ohun tí nọ́ńbà yìí kò lè sọ rárá ni ibi tí oyún wà. Ó lè wà nínú ilé ọmọ, kó má máa dàgbà mọ́. Ó sì lè wà nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, níbi tí kò ti sí àyè fún un. Bí ibẹ̀ bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn, ó sì lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀. Sikáànù nìkan ló ń wá ibi tí oyún wà, pàápàá èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe. Bí nọ́ńbà bá ṣì kéré báyìí, ilé ọmọ lè ṣófo lójú sikáànù, kí oyún tó dára sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ká dúró dìgbà tí nọ́ńbà bá pọ̀ ká tó ṣe é. Oyún ìta ilé ọmọ lè bẹ́ nígbà tí nọ́ńbà ṣì kéré.

Ní Fúráìdeè, nọ́ńbà rẹ̀ di 640. Sikáànù fi hàn pé ilé ọmọ ṣófo, kókó kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyin ọ̀tún. Ìta ilé ọmọ ni oyún wà. Nítorí pé kò tíì bẹ́, tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì dára, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ mẹtotirẹ́sétì, tó ń dá ìdàgbà oyún náà dúró. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nọ́ńbà gòkè sí 700. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kẹrin sí ìkeje ni wọ́n ń wò bóyá ó wálẹ̀ tó ìdá 15. Tirẹ̀ bọ́ sí 520, ó ju ìdá 15 lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n wá ń yẹ̀ ẹ́ wò títí tí kò fi sí nǹkan kan mọ́.

Bí ó bá ń wálẹ̀

Bí nọ́ńbà bá já láti 900 sí 400 láàárín ọjọ́ méjì, ó máa ń jẹ́ pé oyún ti bà jẹ́, ara sì ń tú u dànù fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 900 ló di 830, a gbọ́dọ̀ fura, torí pé bí oyún ìta ilé ọmọ mìíràn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan nínú oyún bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ń wálẹ̀ kíákíá bí ti oyún tó bà jẹ́. Ó dunni, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ má ṣíwọ́ àyẹ̀wò títí dókítà yóò fi sọ pé ó ti tán lára.

Kò sí abẹ́rẹ́ tàbí àgbo tó lè mú kí oyún tí kò dàgbà mọ́ padà máa dàgbà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé hCG gan-an ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àyẹ̀wò máa sọ pé oyún wà, kí nọ́ńbà sì máa wálẹ̀, nígbà tí kò sí oyún kankan. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ bí ẹ bá ti gbà á.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe dá ìyàwó lẹ́bi. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún ń bẹ̀rẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú oyún tó ń bà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe omi tó pọn tàbí iṣẹ́ tó ṣe.

Ìgbà tí a kì í dúró de èsì

Bí ikùn bá ń ro ó gidigidi, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ṣóńṣó èjìká bá ń dùn ún, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, nọ́ńbà yòówù kó wà lórí ìwé.

Ẹ kó gbogbo èsì dání, kí ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ilé àyẹ̀wò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ má gbàgbé láti bi dókítà: "Ṣé a ti rí ibi tí oyún náà wà?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.