Líǹkì Ìdílé Spotify Tí Kò Ṣí

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sanwó ètò Premium Family ti Spotify, ó sì lè pe ẹni márùn-ún míì wọlé, kálukú pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀. Bí líǹkì tó fi pè wọ́n bá kọ̀, ọ̀pọ̀ máa ń ka ẹ̀sùn sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́sẹ̀. Òfin ètò náà ló sábà máa ń dí wọn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìbàdàn tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, Táyọ̀, lórí Wásáàpù. Ìdánwò ká Táyọ̀ mọ́, kò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ méje péré ni líǹkì yẹn ń lò. Bó tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní ṣí mọ́; àfi kí ìyá padà sójú ìwé àkáǹtì rẹ̀ lórí spotify.com, kó fi tuntun ránṣẹ́.

Líǹkì tuntun ṣí, ó wá béèrè àdírẹ́sì. Ibí ni wàhálà ti pọ̀ jù, torí pé gbogbo ẹni tó wà nínú ètò náà gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé kan náà, àdírẹ́sì tí wọ́n bá kọ sì gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń sanwó mu. Ìyá kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. Táyọ̀ fi orúkọ àdúgbò àti bọ́síṣọ́ọ̀pù kún un, bí a ti máa ń júwe ilé fún àlejò. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀. Kí ìyá da àdírẹ́sì tó wà lójú ìwé tirẹ̀ kọ, kó fi ránṣẹ́, kí Táyọ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní tèmi, òfin yìí le mọ́ ìdílé tí ọmọ wọn ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ ní Ìlọrin tàbí Èkó, ṣùgbọ́n ohun tí a fọwọ́ sí nìyẹn. Ètò akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí àdírẹ́sì bá bá ara mu tó ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí Táyọ̀ ti wà nínú ètò àbúrò bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn lè kúrò nínú ètò ìdílé kan bọ́ sí òmíràn láàárín oṣù 12. Ẹni tí wọ́n bá yọ kò pàdánù àkáǹtì rẹ̀, àkójọ orin rẹ̀ á sì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti padà sí ti ọ̀fẹ́: ìpolówó á dé, orin tó ti gbà sórí fóònù kò ní dún mọ́ láìsí dátà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ má fi ìbínú yọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì bi ẹni tí ẹ fẹ́ pè bóyá ó ti wà nínú ètò ẹlòmíì lọ́dún yìí kí ẹ tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí i.