Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọjà kan, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a mú oníṣòwò kan ní Balógun l'Ékòó, ẹni tí ìgàn àdìrẹ 3 ṣẹ́kù sí lọ́wọ́, tí ó sì ń tà á ní ìsọ̀, lórí ìkànnì ara rẹ̀, àti ní ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá ní ìwé tirẹ̀ tí ó kọ 3, oníbàárà 9 lè sanwó fún ohun tí 3 péré yóò rí gbà.

Ìwé kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn máa tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, nítorí bí ẹni méjì bá wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn méjèèjì sì rí 1, àwọn méjèèjì ni yóò rà á. Wíwò àti yíyọ gbọ́dọ̀ di ìgbésẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè là láàárín: yọ 1, bí ó bá ṣì ku 1, ó kéré tán. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò gbà. Ẹnì kejì yóò gbọ́ pé ó ti tán kí owó rẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gba iye tuntun. Nítorí náà, bí ó bá ku 3, ẹ fi 2 hàn níbẹ̀. Bí ó bá ku 1, ẹ fi 0 hàn.

Bí iye inú ìwé bá sì ju ti orí àtẹ lọ lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìsọ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọmọọṣẹ́ ti máa ń di ẹrù fún oníbàárà kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó máa kọ ọ́ kí ó tó dì í.