Ìwé Ń Sọ mg, Ṣíbí Ń Bu ml: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Oògùn Inú Fọ́tò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá ọmọ ọdún 3 kan fi fọ́tò ìwé oògùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, sí ṣọ́ọ̀bù tí akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn ti ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí dókítà kọ nìyí:

```
Susp. Amoxicillin 250 mg tds x 5/7
```

Ẹ kà á láti òsì. Susp. ni oògùn olómi tó máa ń sílẹ̀ sí ìdí ìgò, tí a gbọdọ̀ mì dáadáa ká tó bù ú. Orúkọ oògùn ló tẹ̀ lé e. 250 mg ni ìwọ̀n tí ọmọ yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Látinú èdè Látìn ni tds ti wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló túmọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ bd, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó dára kí wákàtí 8 wà láàárín ìlò kan àti èkejì: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́.

5/7 ló máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Kì í ṣe ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ń sọ bóyá ọjọ́ ni à ń kà, tàbí ọ̀sẹ̀, tàbí oṣù: ọjọ́ 7 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 àti oṣù 12 ló wà nínú ọdún. Nítorí náà, 5/7 jẹ́ ọjọ́ 5, 2/52 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 2, 3/12 sì jẹ́ oṣù 3.

Ó wá ku ìgò. Ìwé ń sọ bí oògùn ṣe wúwo tó, ṣùgbọ́n omi ni ìyá yóò bù. Bí wọ́n bá kọ 125 mg/5 ml sára ìgò, 5 ml kan gbé 125 mg, nítorí náà 10 ml ni 250 mg. 10 ml lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 jẹ́ 150 ml, ìgò 100 ml kan kò ní tó. Bí ìgò bá jẹ́ 250 mg/5 ml, 5 ml péré ni lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 75 ml. Ẹni tó bá bu 10 ml nínú ìgò kejì yìí ti fún ọmọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bu 5 ml nínú ti àkọ́kọ́ fún un ní ìdajì.

Fọ́tò tún ní ewu tirẹ̀. Ibi tí ìwé ti ká lè gbé àmì ẹ̀sún mì, kí 2.5 di 25. Etí fọ́tò lè gé ọjọ́ orí tàbí ìwọ̀n ara ọmọ dànù, bẹ́ẹ̀ sì ni òun la fi ń mọ̀ bóyá ohun tí dókítà kọ bá ọmọ náà mu. Ẹ ní kí wọ́n tún un yà lójú ìmọ́lẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé hàn, kí wọ́n sì ya ara ìgò pẹ̀lú. Bí kò bá ṣì hàn, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn, ẹ má ṣe méfò lórí ìwé oògùn. Ọmọdé ló máa gbé e mì.