Bí Owó Adójútòfò Bá Pẹ́: Ìgbà Tí Ààbò Ṣì Wà àti Ìgbà Tí Ó Ti Bọ́

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Arandun àti agbègbè rẹ̀

Àwọn ọlọ́jà kan ń san owó adójútòfò ẹ̀mí lóṣooṣù. Àwọn ọlọ́kadà àtàwọn onímọ́tò ń gba ti ọkọ̀ lọ́dọọdún. Ìbéèrè kan ni ìwé yìí fẹ́ dáhùn: bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá tí owó kò wọlé, ṣé ààbò ṣì wà? Ìdáhùn ti ẹ̀mí yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà. (Ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ má fi ohun tó wà níbí wọ̀n ọ́n.)

Adójútòfò ẹ̀mí: ọjọ́ ìyọ̀ǹda

Nínú ìwé àdéhùn ẹ̀mí, ilé-iṣẹ́ máa ń fún oníbàárà láàyè díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó. Èyí ni à ń pè ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn kéré sí i, pàápàá fún ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tiyín gan-an ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí aṣojú fẹnu sọ. Owó àkọ́kọ́ kò ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda rárá: títí tí yóò fi wọlé, àdéhùn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláṣọ kan ní ọjà Arandun ṣe àpẹẹrẹ. Mílíọ̀nù kan náírà ni ilé-iṣẹ́ yóò san fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí ó bá kú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà (₦5,000) ni ó ń san lóṣù, ní ọjọ́ kìíní oṣù, báǹkì ló sì ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó ti kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lọ ra ọjà ní Ìlọrin. Báǹkì fẹ́ yọ owó, kò bá nǹkan kan. Kò sí ẹni tó pè é.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ìyọ̀ǹda rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ọjọ́ tó yẹ kí ó sanwó yẹn. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó gbọ́ pé owó kò wọlé ni wọ́n ń kà láti ibẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ó parí. Bí ó bá kú ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, ààbò ṣì wà lórí rẹ̀ digbí. Ilé-iṣẹ́ yóò yọ ₦5,000 tó jẹ kúrò, wọn yóò sì san ₦995,000 fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kí àwọn ẹbí má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbèsè oṣù kan lé wọn padà ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù keje ni ó kú, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé náà ti kú ṣáájú rẹ̀. Bí àdéhùn náà bá jẹ́ ti ààbò nìkan, tí kò ní ìfowópamọ́ nínú, kò sí kọ́bọ̀ tí wọn yóò san, bí ó tilẹ̀ ti sanwó fún ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní ìfowópamọ́ nínú, tí ó sì ti san án dé iye ọdún tí ìwé rẹ̀ sọ, bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ohun kan lè ṣẹ́ kù: owó díẹ̀ tí wọn yóò dá padà, tàbí ààbò tó dín kù tí kò béèrè owó mọ́. Ẹ wá ojú ewé tó sọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé yín kí wàhálà tó dé.

Sísan gbèsè kò tó láti jí ìwé tó ti kú

Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Ká ní ìyá aláṣọ wa kò kú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje, ó rántí, ó fi ₦10,000 ránṣẹ́, báǹkì sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn án pé owó ti lọ. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Kò tíì tán. Lẹ́yìn tí ìwé ti kú, ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti tún ọ̀ràn rẹ̀ wò bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn yóò fún un ní fọ́ọ̀mù tí yóò fi sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n lè ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì lè fi èlé lé gbèsè náà. Bí ó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àkókò yẹn, wọ́n lè fi owó kún ohun tó ń san tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí ó bá sì fi àìsàn náà pamọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá rí i nínú fáìlì ilé ìwòsàn.

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ pé ìwé ti jí ni lẹ́tà ilé-iṣẹ́, tó dárúkọ ọjọ́ tí ààbò tún bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì nìkan ń sọ pé ẹ sanwó. Kò sọ pé wọ́n ti gbà yín padà. Bí ìyá aláṣọ wa bá kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje kí lẹ́tà yẹn tó jáde, ₦10,000 rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń fa gbogbo èyí kì í sábà jẹ́ àìlówó. Ẹni tó pààrọ̀ báǹkì kò sọ fún ilé-iṣẹ́. Ẹlòmíràn pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ìkìlọ̀ sì ń lọ sí nọ́ńbà àtijọ́. Ẹlòmíràn ń kó owó lé aṣojú lọ́wọ́, aṣojú kò sì tètè fi jíṣẹ́. Ẹ san án tààrà sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìwé àdéhùn yín lára.

Ti ọkọ̀ àti ọ̀kadà: kò sí ọjọ́ ìyọ̀ǹda

Láti ìgbà òfin adójútòfò ọdún 2003, ní ẹsẹ̀ 50 rẹ̀, ni wọ́n ti sọ pé kò sí ààbò níbi tí a kò bá ti sanwó ṣáájú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà á ní àwìn síbẹ̀, títí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, fi fẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013.

Láti ọdún 2023, ₦3,000 lọ́dún ni ọlọ́kadà ń san fún ààbò ẹni-kẹta, onímọ́tò ara ẹni ń san ₦15,000. Bí ìwé ọlọ́kadà kan bá parí lóru ọjọ́ Àìkú, tí ó sì kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú ọ̀nà Òmù-Àrán ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ni yóò tún un ṣe látinú àpò ara rẹ̀. Bí ó bá sáré lọ ra tuntun ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí ó sanwó ni ààbò tuntun bẹ̀rẹ̀. Kò lè padà sẹ́yìn gba ti àárọ̀. Ẹni tó bá rí aṣojú tó fẹ́ kọ ọjọ́ àná sí i, ìwé jìbìtì ni ó fẹ́ tà fún un.

Ẹ lè yẹ ìwé yín wò lórí askniid.org pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ilé-iṣẹ́ bá gba owó yín tí ó sì kọ̀ láti dáhùn, ẹ kọ̀wé sí wọn ná, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tó gbé ẹjọ́ náà lọ sí NAICOM pẹ̀lú rìsíìtì àti ẹ̀dà ìwé àdéhùn.