Kó Kó Kó àti Ó Nírù

Ní ilé Yorùbá àtijọ́, ohùn ni àlejò fi ń kanlẹ̀kùn. “Àgò o!” Onílé a sì dáhùn pé, “Àgò yà!” Eré méjì tí mo fẹ́ fi wéra wọ̀nyí jọ ìkíni yẹn: ẹnìkan pè, ẹlòmíràn jẹ́. Èkíní ni àwàdà kó kó kó, tó gbòde kan ní Amẹ́ríkà ní 1936. Èkejì ni ìpè àti ìdáhùn tí ọmọ kan ń darí, tí agbo ọmọdé ń gbè.

Ìlà márùn-ún ni kó kó kó ní, ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló sì ń pani lẹ́rìn-ín:

“Kó kó kó!”
“Ta nìyẹn?”
“Adé.”
“Adé wo?”
“A dé o! Àwa méje la wà níta, ẹ ṣílẹ̀kùn!”

Ìdí tí èyí fi dùn ni pé ohùn Adé àti ohùn “a dé” kò yàtọ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwàdà yìí wà lédè wa. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ tó jọra díẹ̀ ṣeré, kí etí sì gbà á. Tiwa kò gbà. Ká ní ọmọ kan sọ pé òun ni Òjó, tí wọ́n bi í pé Òjó wo, tó ní, “Òjò ń pa mí!” Lójú ìwé, ó jọ ara wọn. Ní ẹnu, ohùn òkè ti di ohùn ìsàlẹ̀, etí sì ti gbọ́ ọ kí ẹ̀rín tó dé. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wojú ara wọn, tàbí tí ọ̀kan bá ní, “Òjó kọ́ nìyẹn.”

Ẹni tó bá fẹ́ hun tuntun, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀fẹ̀. Orúkọ ni kó kọ́kọ́ mú, kó pè é sókè, kó wá gbọ́ bóyá gbólóhùn kan lè ti inú rẹ̀ jáde láìyí ohùn padà. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó dúró síta lè sọ. Mo mú Dúró: “Dúró wo?” “Dúró síbẹ̀ kó o máa bi mí, òjò ń pa mí!” Mo mú Bánkọ́lé: “Bánkọ́lé wo?” “Bá n kọ́lé síta níbí, ṣebí o ò fẹ́ ṣí tìrẹ!” Orúkọ wa púpọ̀ jẹ́ gbólóhùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà èyí tó ṣeé lò pọ̀. Àmọ́ bí ìdáhùn kò bá ju ìtumọ̀ orúkọ náà lọ, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yà síbi tí ẹnikẹ́ni ò retí.

Ìṣòro kan wà tí mo kà sí gidi. Ọmọ kò lè sọ fún ìyá àgbà pé “Dúró síbẹ̀.” “Ẹ dúró” ló yẹ, bí “ẹ” bá sì ti wọ̀ ọ́, orúkọ ti fọ́. Nítorí náà Dúró àti Bánkọ́lé, ti ẹgbẹ́ ni wọ́n. Adé nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé ṣe fún àgbà, torí “ẹ” inú ìdáhùn rẹ̀ kò kan orúkọ náà. Mo rò pé ara ohun tó ń dùn mọ́ ọmọ nìyí: àgbà tó máa ń bi í ní ìbéèrè lójoojúmọ́, òun ni ọmọ ń fipá mú béèrè lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì lè fo ìlà rẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì ń rí ìtumọ̀ méjì nínú ọ̀rọ̀ kan dáadáa. Yóò ní, “Kó kó kó, àga!” kó sì máa rẹ́rìn-ín títí. Ìlù ìbéèrè àti ìdáhùn ló ń gbádùn, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀, eré kejì, ìpè àti ìdáhùn, ló bá a mu.

Ọ̀pọ̀ wa mọ eré “ta ló lẹ́jẹ̀”: olórí ń dárúkọ nǹkan, agbo ń dáhùn bó bá lẹ́jẹ̀, wọ́n ń dákẹ́ bí kò bá ní. Ẹni tó bá ṣì dáhùn ti jábọ́. Òmíràn tí a lè hun láti ara rẹ̀ rèé:

“Ajá nírù?” “Nírù!”
“Ewúrẹ́ nírù?” “Nírù!”
“Aláǹgbá nírù?” “Nírù!”
“Ọ̀pọ̀lọ́ nírù?”

Ẹnu tó ti gbóná ò lè dúró. Òkúta ì bá rọrùn jù, nítorí kò sẹ́ni tó máa rò pé ó nírù. Ọ̀pọ̀lọ́ ń mí, ó ń fò, ó sì bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ mu. Irú rẹ̀ ni akàn. Olórí gbọ́dọ̀ yára, kó má sì máa gbé ìdẹkùn sí ipò kẹrin lójoojúmọ́, torí àwọn ọmọ á tètè kà á. Nígbà míràn kó lọ dé ìkẹjọ láìsí ìdẹkùn kankan.

Bí mo bá ní agbo tó da ọmọ ọdún mẹ́rin pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, “Ó nírù” ni màá yàn. Kó kó kó ń fẹ́ etí tó ti mọ ohùn ṣàyẹ̀wò, ẹni méjì péré ló sì ń ṣe é. Bí ọmọ kan bá sì jiyàn pé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nírù kó tó dàgbà, òtítọ́ ló sọ: ẹ gbé ipò olórí fún un.