Èló Ló Yẹ Kí Ẹ̀tọ́ Ríra Ṣíà Jẹ́?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1973, wọ́n ṣí ọjà kan ní ìlú Ṣikágò fún títa ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kọ́ọ̀lù. Kọ́ọ̀lù kì í ṣe ṣíà. Ẹ̀tọ́ ni: ẹni tó ni ín lè ra ṣíà ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí, bí kò bá sì wù ú, ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú un. Ní ọdún 1979, John Cox, Stephen Ross àti Mark Rubinstein fi igi ẹlẹ́ka méjì ṣàlàyé iye tó yẹ kí wọ́n máa tà á.

Ká ní ṣíà kan jẹ́ 100 dọ́là lónìí. Lẹ́yìn ọdún kan, yálà kó gòkè dé 124 tàbí kó já sí 84. Ẹ̀ka méjèèjì nìyẹn. Kọ́ọ̀lù náà gbà wá láyè láti ra ṣíà ọ̀hún ní 104. Bó bá di 124, a jèrè 20. Bó bá já sí 84, kọ́ọ̀lù di òfo. Èlé báńkì jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dún.

Ká tún ní gbogbo ọjà gbà pé ìgbà 7 nínú 10 ni ṣíà yìí máa ń gòkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú ìdá 7 nínú 10 owó 20 yẹn, ìyẹn 14, wọ́n á yọ èlé ọdún kan kúrò, wọ́n á ní kọ́ọ̀lù tó nǹkan bíi 13 dọ́là.

Kò tọ̀nà.

Ìdí ni pé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdàkọ kọ́ọ̀lù náà. Láti ẹ̀ka kan sí èkejì, ṣíà fi 40 yàtọ̀, kọ́ọ̀lù fi 20 yàtọ̀. Nítorí náà, ìlàjì ṣíà la nílò. Ìlàjì yìí yóò di 62 tàbí 42. Bí a bá jẹ gbèsè tí a máa fi 42 san lọ́jọ́ náà, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni 20 tàbí òfo, bíi ti kọ́ọ̀lù gan-an. Pẹ̀lú èlé, 40 la máa yá lónìí kó tó di 42. Ìlàjì ṣíà jẹ́ 50, a yá 40, 10 dọ́là péré ló jáde lápò wa. Iye kọ́ọ̀lù nìyẹn.

Bí ẹnì kan bá ń ra kọ́ọ̀lù yìí ní 13 ńkọ́? Oníṣòwò tó mọṣẹ́ á tà á fún un, á yá 40, á ra ìlàjì ṣíà ní 50, á sì fi 3 sápò. Bí ṣíà bá gòkè, 62 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á san gbèsè 42, á sì san 20 fún ẹni tó ra kọ́ọ̀lù. Bó bá já, 42 á san gbèsè tán. Lọ́nà méjèèjì, 3 dọ́là ṣì wà lápò rẹ̀. Ní Ṣikágò, ṣíà 100 ló sábà máa ń wà nínú àdéhùn kan, nítorí náà odidi ṣíà 50 ló máa rà. Ní ti ìgbà 7 nínú 10, iye 100 tí wọ́n ń ta ṣíà lónìí ti gbé e rò.

Ibi tó ti lè bàjẹ́ ni pé ọjà kì í dúró lórí ẹ̀ka méjì. Bí ṣíà bá fò dé 140, ìlàjì rẹ̀ di 70, gbèsè mú 42, 28 ló kù, bẹ́ẹ̀ 36 ni ẹni tó ra kọ́ọ̀lù ń retí. Àléébù 8 dọ́là jẹ èrè 3 náà, ó sì tún wọnú àpò. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò fi ń gé ọdún sí ìgbà kéékèèké, tí wọ́n sì ń tún iye ṣíà ọwọ́ wọn ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo àtúnṣe ló ní kọmíṣọ̀n tirẹ̀, bí kọmíṣọ̀n bá sì ti ju 3 dọ́là lọ, iye 13 yẹn lè wà lọ́jà láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.