Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Àpéjọ Ńlá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Nínú Rẹ̀



Bí àpéjọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta bá parí, tí a ti tú àgọ́, tí a sì ti kó ẹní jọ, iṣẹ́ kan ṣì kù fún akọ̀wé ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ náà ni lẹ́tà ìdúpẹ́ sí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn: àwọn tí ó pọnmi, tí ó dáná, tí ó ṣọ́ bàtà, tí ó gbọn ilé ìyàgbẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò sí ìgbìmọ̀ tí kò mọ èyí, nítorí náà gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà ṣe máa ń rí nìyí:

“Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ṣe. Láìsí yín, àpéjọ wa kì bá tí kẹ́sẹ járí. Kí Ọlọ́hun san yín ní ẹ̀san rere.”

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àdúà inú rẹ̀ sì dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò dé ibi àpéjọ náà rárá lè kọ ọ́. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ pa “ẹ̀ka omi” rẹ́ ní orí rẹ̀, kí ẹ kọ “ẹ̀ka oúnjẹ” sí i. Bí lẹ́tà náà bá ṣì bá a mu láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, a jẹ́ pé kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó gbà á yóò kà á tán, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rí òun.

Ohun mẹ́ta tí lẹ́tà náà ń fẹ́

Lẹ́tà tí ó dúpẹ́ ní tòótọ́ máa ń sọ ohun mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí wọ́n ṣe gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Èkejì ni ohun tí ó mú iṣẹ́ náà nira, tàbí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ohun tí iṣẹ́ náà mú ṣeé ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kì í sábà rí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìdí ìkòkò kò rí ẹni tí ó jẹun yó, ẹni tí ó ń fa omi nínú kànga kò sì rí ẹni tí ó fi omi náà ṣe àlùwàlá.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan, kí ó lè yé wa. Ká sọ pé ẹ̀rọ tí ń fa omi bàjẹ́ ní ibi àpéjọ ní òru Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ 12 dìde ní aago 3, wọ́n lọ sí kànga ilé aládùúgbò kan, wọ́n sì ń fi okùn fa omi títí di aago 5 ààbọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni wọ́n ń pọn ọ́n sí, kẹ́ẹ̀gì 96 ni ó sì wọlé. Ìyẹn jẹ́ lítà 2,400. Bí kẹ́tùlù àlùwàlá kan bá gba lítà kan àti ààbọ̀, omi náà tó fún ènìyàn 1,600. Lẹ́tà ìdúpẹ́ wọn lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin ọ̀dọ́ 12 ti ẹ̀ka omi, Asalaamu alaekun. Nígbà tí ẹ̀rọ omi dákẹ́ ní òru Sátidé, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ títí di lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni ẹ tún dìde ní aago 3. Kẹ́ẹ̀gì 96 ni ẹ fi ọwọ́ fà láti inú kànga kí a tó pe ìrun Àsùbáà. Omi náà tó fún ènìyàn bí 1,600. Ọ̀pọ̀ àlejò ló jí, tí wọ́n bá kẹ́tùlù tí ó kún lójú ààyè rẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ títí di òní pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Àwa mọ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kí Ọlọ́hun san yín ní ẹ̀san rere.”

Ẹ wò ó pé àdúà tí ó parí lẹ́tà àkọ́kọ́ náà ni ó parí èyí. A kò yọ àdúà kúrò. A kàn fi ohun tí a ń torí rẹ̀ ṣe àdúà síwájú rẹ̀ ni. Ẹ tún wò ó pé kò sí “akíkanjú” tàbí “aláìlẹ́gbẹ́” nínú rẹ̀. Hadiisi wà ní ọ̀dọ̀ Bukhari níbi tí Annabi, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ti bá ẹni tí ó ń yin ẹlòmíràn ní àyìnjù wí, tí ó sì fi í wé ẹni tí ó gé ọ̀rùn ẹnìkejì rẹ̀. Bí a bá sọ iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe, òótọ́ ni a sọ, ọkàn rẹ̀ kò sì ní wú. Bí a bá sọ pé kò sí irú rẹ̀ láyé, a ti sọ ohun tí a kò mọ̀.

Níbo ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?

Bí akọ̀wé bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì kí ó tó máa ronú ohun tí yóò kọ, “iṣẹ́ takuntakun” nìkan ni yóò rántí. Láàárín àpéjọ gan-an ni ó yẹ kí á ti máa kó o jọ. Kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan lápò. Ní alaalẹ́, kí ó kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta sí i: ẹni tí ó ṣe nǹkan, ohun tí ó ṣe, àti àkókò tí ó ṣe é. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni yóò kọ, bí kò ṣe ohun tí ó kọjá iṣẹ́ tí a yàn fún ẹni náà, tàbí ìṣòro tí ẹ̀ka náà borí.

Lẹ́yìn èyí, kí akọ̀wé bi ẹnì kan tí ó jàǹfààní iṣẹ́ náà léèrè. Olórí ẹ̀ka omi lè ka kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó ṣe àlùwàlá ni ó lè sọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún un. Kí ó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ó ka á fún olórí ẹ̀ka. Bí a bá kọ 12 sílẹ̀, tí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ sì jẹ́ 13, ọgbẹ́ ni lẹ́tà náà yóò dá sí ọkàn ẹni kẹtàlá. Bí orúkọ kò bá dáni lójú, iye ènìyàn àti ẹ̀ka wọn sàn ju àkọsílẹ̀ orúkọ tí kò pé lọ.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò hàn

Àwọn tí ó ṣòro jù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni àwọn tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ bàtà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bàtà kò ní sọnù, a kò sì ní rí ìròyìn kankan kọ. Ní irú ibi báyìí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ náà ni kí á dárúkọ. Bí àpẹẹrẹ, a lè kọ sí àwọn ìyá tí ó wà ní àgọ́ ọmọ tí ó sọnù pé: “Ọmọ 7 ni wọ́n mú wá sọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wọn ni ẹ kọ orúkọ wọn àti ti òbí wọn sílẹ̀, ẹ kò sì fi ẹyọ kan lé ẹni tí kò lè dárúkọ ọmọ náà lọ́wọ́. Àwọn ìyá 7 sùn pẹ̀lú ọmọ wọn nítorí yín.” Ẹni tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ pé a rí ìṣọ́ra òun.

Ibi tí nǹkan kò ti lọ déédéé náà wà. Bí oúnjẹ ọ̀sán Jímọ̀ bá di alẹ́ kí ó tó jinná, ẹ má ṣe kọ “oúnjẹ lọ déédéé” sí àwọn tí ó pín in. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí irọ́ kan, wọn kò ní gba ìyókù gbọ́. Ohun tí ó tọ́ láti kọ ni pé: “A mọ̀ pé igi ìdáná tí a rà tutù, pé oúnjẹ sì pẹ́. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ra igi náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ dúró níwájú àwọn tí ebi ń pa, ẹ gba ìbínú wọn, ẹ sì kọ́kọ́ bu ti àwọn ọmọdé fún wọn.” Ìgbìmọ̀ gba ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì gba ọpẹ́ wọn.

Ohun tí kò yẹ kí ó wọ inú rẹ̀

Ohun kan wà tí ó jẹ́ òótọ́ tí kò sì yẹ kí á kọ. Bí ẹnì kan bá yọ owó àpò rẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí ó sì ní kí á má sọ ọ́, kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí á má kà á sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ. Bákan náà ni àìsàn tàbí ìṣòro ilé tí ẹnì kan ń bá yí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí òun kò bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba, kí á fi í sílẹ̀. Kí á má sì fi ẹ̀ka kan wé òmíràn, nítorí ọpẹ́ tí ó bu ẹlòmíràn kù a máa dá ìjà sílẹ̀.

Kí lẹ́tà náà tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àpéjọ, kí ó ti dé ọwọ́ wọn. Kí ẹni tí ó rí iṣẹ́ náà fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú alága. Kí ó má gùn ju ojú ìwé kan lọ. Ìlà mẹ́fà tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka náà nìkan tó.

Ní ìparí, àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí á má fi ìdajì kejì òwe náà sínú lẹ́tà. Bí a bá kọ “ẹ ṣeun, a ó tún máa retí yín lọ́dún tí ń bọ̀,” ẹni tí ó ń kà á yóò rò pé nítorí ti ọdún tí ń bọ̀ ni a ṣe dúpẹ́. Kí a kọ lẹ́tà ìpè nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Lẹ́tà yìí, ti kẹ́ẹ̀gì 96 nìkan ni.